230 àti 230 kì í di 460 lórí féèsì méjì

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn èèyàn, láti Mushin dé Ìdúmọ̀tà, wọ́n á ní tí féèsì kan bá jẹ́ 230 fóòtì, féèsì méjì á jẹ́ 460. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Kí ẹni tó mọṣẹ́ gbé mítà, kó fi ẹnu wáyà rẹ̀ kan sórí féèsì pupa, kó fi ìkejì sórí yẹ́lò, nǹkan bíi 400 ló máa rí, àwọn kan á wá ní iná ti lọ sílẹ̀ nìyẹn tàbí mítà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sí nǹkan kan tó ṣe mítà.

Iná ilé wa yìí kì í dúró sójú kan, ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, féèsì méjèèjì kì í sì í jọ dókè lẹ́ẹ̀kan náà, ìkejì fi dígírì 120 wà lẹ́yìn àkọ́kọ́. 230 yẹn kàn sọ bó ṣe tóbi tó fún wa ni, kò sọ ìgbà tó ń dókè.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń ya ọfà, òun ni wọ́n ń pè ní fésọ̀. Ya ọfà àkọ́kọ́ sí ọ̀tún, kó gùn ní 230. Ya ìkejì, 230 náà, àmọ́ yí i wálẹ̀ ní dígírì 120. Mítà tó wà láàárín méjèèjì ń yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì ni, torí náà yí ojú ọfà kejì padà kó o tó rò wọ́n pọ̀, á wá wà ní dígírì 60 lókè àkọ́kọ́. Tó o bá tú u, 115 lọ sí ọ̀tún, 199 lọ sókè. Fi 230 kún 115, ó di 345, 199 ṣì wà lókè:

```
√(345² + 199²) ≈ 398
```

Ọfà tuntun yẹn sì fi dígírì 30 ṣíwájú àkọ́kọ́.

Àwọn míì tún rò pé ìgbì tó máa jáde á rí wúruwùru, kò rí bẹ́ẹ̀, ìgbì sáìnì kan ṣoṣo tó mọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká pe fóòtì féèsì àkọ́kọ́ ní v1, ti ìkejì ní v2, kí ωt jẹ́ igun tí ìgbì àkọ́kọ́ ti yí dé:

```
v1 − v2 = 563 sin(ωt + 30°)
```

563 ni ṣóńṣó 398, bí 325 ṣe jẹ́ ṣóńṣó 230. Wò ó níbi tí ωt ti jẹ́ òdo, v1 ò ní nǹkan kan, v2 jẹ́ −281.5, yọ ọ́ kúrò, 281.5 ló kù, ìdajì 563 gẹ́lẹ́, sin 30° náà sì jẹ́ ìdajì.

Àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa sáré bákan náà o. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń yí ní 51 tí Nẹ́pà wà ní 50, ọfà kan á máa sáré ju ìkejì lọ, kò ní sí ìgbì kan ṣoṣo mọ́, fóòtì tó wà láàárín wọn á máa wálẹ̀ sí òdo á tún gun òkè lẹ́ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ńdù kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni 460 ti ń yọjú, nígbà tí ọfà méjèèjì bá kọ ẹ̀yìn síra wọn.