Ìka Tó Làágùn Ni, Kì Í Ṣe Fóònù Tó Gbóná

Inú bí mi sí ẹni tó ta ohun èlò géèmù fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Kàbà níbí lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ náà ṣàlàyé pé òun á tẹ ibi ìyìnbọn, fóònù kò ní gbọ́, ni ọ̀gbẹ́ni yìí bá ní ooru ló fà á, ó sì ta fáànù tí wọ́n ń gán mọ́ ẹ̀yìn fóònù àti bọ́tìnnì ìyìnbọn méjì fún un.

Òótọ́ ni pé fóònù tó bá gbóná jù máa ń dẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ni yóò kọ́kọ́ máa fà. Àwòrán ọmọ yìí ń lọ geere. Ìka rẹ̀ nìkan ni kò ṣe déédéé. Mo ṣí "Pointer location" lábẹ́ "Developer options", èyí tó ń fi ìlà hàn níbi tí ìka bá gbà lójú fóònù, mo sì ní kí ó fi àtànpàkò rẹ̀ tó ti làágùn fa ìlà kan. Ìlà náà rí wọ́gọwọ̀gọ, ó já lójú méjì, òkè ojú fóònù sì kọ "P: 2 / 2", ìyẹn ni pé ìka méjì ni fóònù kà, bẹ́ẹ̀ ìka kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Iná díẹ̀ tí ìka ń fà ni ojú fóònù fi ń mọ ibi tí a fọwọ́ kàn, iná sì máa ń gba inú òógùn kọjá nítorí pé omi oníyọ̀ ni. Nígbà tí a nu ọwọ́ àti gíláàsì gbẹ, ìlà náà tọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni fáànù yẹn. Irin rẹ̀ tutù débi pé, nínú afẹ́fẹ́ òjò tí a wà yìí, omi sẹ̀ sí i lára bí ìgò omi tútù, ó sì ń kán sí ìka ọmọ tí à ń nù. Bọ́tìnnì yẹn wúlò díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló ń tẹ gíláàsì dípò ìka ìlábẹ̀, ṣùgbọ́n àtànpàkò tó ń rìn tó sì ń wo ibi tí ìbọn kọjú sí kò kúrò lórí gíláàsì. Àpò ìka tí wọ́n fi fọ́nrán fàdákà hun ni ì bá rà, kí ó ra méjì-méjì, torí èyí tó bá ti rin kò yàtọ̀ sí ìka tó làágùn.

Mo ti múra láti padà lọ bá ọ̀gbẹ́ni náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná dé lálẹ́, a ki ṣájà olówó pọ́ọ́kú kan bọ fóònù, mo fi ọwọ́ gbígbẹ fa ìlà, "P: 2 / 2" tún yọ. A yọ ṣájà, ó lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìyànjú láti rántí bóyá ṣájà wà lára fóònù lọ́sàn-án Sátidé, n kò sì lè búra.