Ẹ Kàn Ń Kí Mi Ni, Ẹ Ò Bi Mí Ní Nǹkan Kan

Ó ti sú mi. Ẹni tó bá tún fi àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ àdúrà sí ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ kùtù, kó mọ̀ pé ó ti sú mi. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ àdúrà o. Ta ni kò fẹ́ àdúrà lórílẹ̀-èdè yìí? Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ló ń bí mi nínú, tó fi ẹ̀rín gba nọ́ńbà mi níbi ìgbéyàwó, tó wá sọ mí di ẹni tí ń jókòó ti fóònù láti mọ̀ bóyá ó fẹ́ mi ni, àbí ó kàn ní ẹ̀kọ́ ilé.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló sì ń dá kún un. Mo gbé fóònù fún wọn pé kí wọ́n bá mi wò ó, wọ́n ní, "Ó ń kí ẹ ní gbogbo àárọ̀! Kí lo tún ń wá?" Ẹ jọ̀ọ́, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí a wà yìí, ta ni kì í kí èèyàn? Ọmọ tí wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú, wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. A ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó ń ti ìrìn àjò bọ̀, a ń kí ẹni tó di irun. Ẹni tó bá kí mi "ẹ kú ojúmọ́" fún oṣù kan gbáko, ohun tó fi hàn mí ni pé ìyá rẹ̀ tọ́ ọ dáadáa. Ẹ bá mi kí ìyá náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìkíni láti fi mọ ìfẹ́, ó dà bí ẹni tó ń fi kóńgò wọn gààrì kó lè mọ̀ bóyá ó kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe àpẹẹrẹ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó la ti pàdé, ó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ń gbé ní Ṣàgámù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ ọ́ sí i lórí Wáásáàpù pé: "Mo ti délé o. Òjò ká wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ Òdògbólú, awakọ̀ ò ríran mọ́, ẹ̀rù bà mí gan-an." Ó dáhùn kí n tó gbé fóònù sílẹ̀: "Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa."

Àmín. Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó yára dáhùn, ó fẹ́ mi nìyẹn. Mo ní kí wọ́n tún un kà. Òjò wà nínú ohun tí mo kọ, awakọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀. Kò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Kò bi mí pé ṣé ẹ dúró ni àbí ẹ ń rìn lọ nínú òjò. Ohun tó kọ sí mi, ó lè kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni tó ti ìrìn àjò dé. Mo ti wá mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn máa wò: tí a bá yọ orúkọ rẹ kúrò, ṣé èsì náà ṣì ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn? Tó bá ṣeé fi ránṣẹ́ sí alága ẹgbẹ́ wọn, a jẹ́ pé ìwọ kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé màmá mi fẹ́ lọ yẹ ojú wò nílé ìwòsàn. "Ah, ara á le o." Ilẹ̀ mọ́, òdòdó dé. Ọ̀sẹ̀ yí, òdòdó ṣì ń dé. Títí màmá fi gba awò tuntun, kò bi mí pé kí ni dókítà wí.

Ẹ wá wo ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ẹnìkan. Ọmọ Ìperu ni ọkùnrin náà, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá ìkóríta Ṣàgámù. Tí ọ̀rẹ́ mi bá kọ nǹkan sí i láàárọ̀, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dáhùn. Àkọtọ́ ẹ̀ kò dáa, kò sí òdòdó, kò sí àdúrà. Gbogbo wa ti ní kó fi í sílẹ̀. Ìgbà tó di ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi ṣáà sọ fún un pé eyín ń dun òun. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni tirẹ̀ wọlé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ kí i: "Eyín yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n yọ ọ́ ni àbí oògùn ni wọ́n fún yín? Ṣé ẹ ti lè jẹun?" Mo ka ìyẹn, inú sì bí mi sí ọ̀gbẹ́ni tèmi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí kì í ṣe àròsọ tèmi nìkan. Ní 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard tẹ ìwádìí jáde lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n rí i pé èèyàn máa ń fẹ́ràn ẹni tó ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ wọn, àgàgà ìbéèrè tó jáde látinú ohun tí ẹnì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ò ṣeé béèrè lásán, nítorí ó di dandan kéèyàn kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó lè bi í. "Báwo ni?" ò sí lára rẹ̀. "Ṣé dáadáa la jí?" náà ò sí lára rẹ̀.

Ẹ má sì sọ ti yíyára dáhùn fún mi mọ́. Níbi tí iná ò ti sí, tí dátà ń tán láàárín ọ̀rọ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ tí òjò bá ti ṣú, ẹ fẹ́ máa fi wákàtí wọn ìfẹ́? Àmì méjì aláwọ̀ búlúù yẹn gan-an, èèyàn lè pa á nínú fóònù ẹ̀, kó ka ọ̀rọ̀ rẹ látòkè délẹ̀ kí o má mọ̀. Àwọn kan tún ní, "Ó máa ń wo sítátọ́ọ̀sì rẹ." Ẹ gbà mí o! Téèyàn bá ṣí ti ẹnìkan, tó parí, fóònù fúnra ẹ̀ ló máa ń sún lọ sí ti ẹni tó kàn. Orúkọ ẹ̀ lè wà lára àwọn tó wo tèmi nígbà tó ń wá ti ẹni tó ń ta bàtà.

Lóòótọ́, ìbéèrè náà ní ìṣòro tiẹ̀. Ẹnìkan wà tó máa ń bi mí léèrè gan-an: ibo ni mò ń gbé, ṣé ilé ara mi ni, ṣé mo ní ẹ̀gbọ́n lókè òkun. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ́kàn. Kí n tó mọ̀, ó fi ìwé ìpolówó ilẹ̀ Mọ̀wé ránṣẹ́, plọ́ọ̀tì kan, ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ rí i pé ìbéèrè tirẹ̀ ń wá àpò mi ni, eyín kankan ò kàn án. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn ò fẹ́ràn kí wọ́n máa tẹ fóònù rárá, àfi kí wọ́n pè. Ẹni tí kì í kọ nǹkan gígùn, àmọ́ tó ń pè tó sì ń jókòó ti ọ̀rọ̀, ẹ má ka tirẹ̀ mọ́ ẹjọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀gbẹ́ni òdòdó. Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kan ní tààrà: "Mò ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní Sátidé, mo fẹ́ ra nǹkan ní Òkè-Ajé. Tí mo bá ṣe tán ní aago méjì, ṣé ká jọ jẹ ìkọ́kọrẹ́?" Ọjọ́ wà níbẹ̀, wákàtí wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa gan-an o! Sátidé yẹn, a ní òde, ṣùgbọ́n a máa ríra láìpẹ́ lágbára Ọlọ́run."

Òde ò burú. Ta ni ò ní òde ní Ìjẹ̀bú? Ọ̀sẹ̀ wo ni wọn kì í sin òkú, tí wọn kì í ṣe ìgbéyàwó? Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rí ẹ, tí Sátidé ò bá ṣeé ṣe fún un, òun náà á mú ọjọ́ mìíràn wá. Á ní, "Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?" tàbí kó ní, "Jẹ́ kí n wá bá ẹ ní Ṣàgámù ní Ọjọ́bọ̀." "Láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́. Mi ò tún bi í mọ́, mo ń dúró kó dá ọjọ́ ti ẹ̀. Òdòdó ló ń dá.

Mo wá tẹjú mọ́ àwọn òdòdó náà. Àwọn kan lára wọn, lókè wọn ni fóònù kọ `Forwarded` sí, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti gbà á. Àwọn mìíràn, `Forwarded many times` ni, ìyẹn ni pé wọ́n ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn bíi márùn-ún, ó kéré tán, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Ẹtì kan ó kí mi kú Júmáàt, èmi tó ti rí nínú aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì! Ìgbà yẹn ni mo rántí ọ̀rọ̀ lísìtì tí wọ́n ń pè ní `Broadcast list`. Wáásáàpù gba èèyàn láyè láti kó nọ́ńbà jọ sí lísìtì kan, ó lè tó 256, kó tẹ ẹ̀ẹ̀kan, kó sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ẹni tó gbà á ò ní rí orúkọ ẹnikẹ́ni mìíràn, á rò pé òun nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú lísìtì yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́ sínú fóònù tirẹ̀.

Ni mo bá yọ orúkọ ọ̀gbẹ́ni kúrò nínú fóònù mi. Mi ò dí i lọ́nà o, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí èmi nìkan, á wọlé. Tó bá fẹ́ pè, fóònù á dún.

Ilẹ̀ mọ́, kò sí òdòdó. Ilẹ̀ tún mọ́, kò sí. Ọjọ́ Ẹtì dé, kò sí Júmáàt. Gbogbo "ẹ kú ojúmọ́, Ọlọ́run á ṣe tiwa" tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè ní ìfẹ́ ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gbẹ́ni ò sì tíì mọ̀ pé mi ò rí wọn gbà mọ́, torí kò bèèrè rí bóyá mo ń rí wọn gbà.