Kì í ṣe fóònù ló ń ba àwòrán ọjà yín jẹ́

Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan lánàá. Ó ń sọ fún ọmọbìnrin kan tó ń ta bàtà pé, àfi kó ra fóònù tuntun, tàbí kó gba sítúdíò, kí àwòrán ọjà rẹ̀ tó lè fani mọ́ra. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Wọ́n á ní kámẹ́rà olówó ńlá ló ń gbé àwọ̀ jáde. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá.

Mo wo àwòrán tí ọmọ náà yà. Bàtà awọ dúdú ni, alẹ́ ló yà á, ó sì tan fíláàṣì. Imú bàtà ń kọ yànràn, ojú rírán rẹ̀ ò hàn, òjìji dúdú sì lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn. Iná kékeré ni fíláàṣì, ẹ̀gbẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an ló sì wà. Tó bá ti kan ohun tó ń dán, ó di kó padà sínú kámẹ́rà. Fóònù tó wọ́n jù lọ ò lè yí ìyẹn padà.

Ẹ gbé bàtà yẹn kan náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án. Tí oòrùn bá ń wọlé tààrà, ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo fèrèsé náà. Ẹ pa gílóòbù yàrá, torí ọ̀pọ̀ wọn pupa rúsúrúsú, apá kan bàtà á wá ní àwọ̀ tí apá kejì ò ní. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gba ẹ̀gbẹ́ bàtà wọlé. Apá kejì á ṣókùnkùn, ẹ gbé páálí funfun síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa sún un mọ́ bàtà títí ojú rírán á fi hàn. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé páálí yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn èèyàn rò pé sítúdíò ló ń ṣe.

Fún ẹ̀yìn, ẹ lẹ pépà funfun tó gùn mọ́ ògiri, kó rọ̀ wá sórí tábìlì láìṣẹ́. Ibi tó bá ti ṣẹ́ ni ìlà á ti hàn. Funfun yẹn lè jáde bí eérú. Ẹ fọwọ́ kan bàtà lójú fóònù, kẹ́ ẹ wá fi àmì oòrùn tó bá jáde pọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró kí etí bàtà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá sínú funfun.

Ẹ má ti fóònù mọ́ imú bàtà, á wú ju gìgísẹ̀ lọ. Ẹ sún sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tẹ 2x lójú kámẹ́rà kó lè fa bàtà súnmọ́, kẹ́ ẹ sì rẹ fóònù wálẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bàtà dọ́gba, ní ìdágẹ̀rẹ́, kí imú àti ẹ̀gbẹ́ lè hàn pọ̀.

Fóònù àtijọ́ ni mo fi ń ṣe é fáwọn oníbàárà, kò sì sẹ́ni tó béèrè irú èyí tí mo lò. Mo gbà pé fún ohun tó kéré bí òrùka, fóònù tó lè ríran nítòsí dáadáa máa ń ṣe é ju tèmi lọ.