Orúkọ tí ẹ̀rọ mú jáde kì í ṣe orúkọ olè

Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Ìkòròdú ni pé bí a bá ti gbé fọ́tò olè sórí ìkànnì tó ń fi ojú wá èèyàn, tí orúkọ sì jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń bà á lẹ́rù? Èmi tí mò ń ya fọ́tò jẹun ní Sábó, mo ti rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tí nǹkan yìí fojú rẹ̀ rí màbo.

Aláṣọ ni obìnrin náà. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan jí fóònù lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi káàdì gbowó. Kámẹ́rà òkè àjà ya olè náà: obìnrin ni, ó tẹrí ba díẹ̀, ojú rẹ̀ nínú àwòrán náà kò sì tóbi ju èékánná lọ. Wọ́n gé ojú yẹn jáde, wọ́n jù ú sórí Wasáàpù àdúgbò. Ọmọkùnrin kan tí kò mọ olè, tí kò mọ aláṣọ, gbé e sórí ìkànnì tó ń fi ojú wá èèyàn. Fọ́tò ìgbéyàwó ló bá a mú wá: obìnrin kan wé gèlè, ó kun àtíkè, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ yẹn gbé wọn dé ojú ewé Fesibúùkù tó fi ń polówó ọjà, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí kò rí i rí ti ń pè é ní olè lórí fóònù.

Ẹ̀rọ yẹn kò mọ èèyàn o. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ ojú di òǹkà, lẹ́yìn náà ó máa wo inú àwọn ojú tó ti kó jọ, bóyá èyí tí òǹkà tirẹ̀ sún mọ́ ọn wà níbẹ̀. Bí olè náà kò bá fi fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì rí láyé, ẹ̀rọ náà ṣì lè gbé ẹlòmíì jáde, torí ẹni tó jọ ọ́ jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀ kò ní ṣàìsí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ náà ń ṣì mú nínú 100,000 ojú tó bá yẹ̀ wò. Èyí dára létí. Ṣùgbọ́n bí ojú èèyàn 10,000,000 bá wà nínú àkójọ rẹ̀, 100 èèyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló lè sọ pé wọ́n jọ olè yẹn. Tiwa tún wá burú sí i. Lọ́dún 2019, NIST, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, dán ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí wò, wọ́n sì rí i pé nínú púpọ̀ wọn, ojú àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣì mú jù.

Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán méjèèjì wá bá mi, etí ni mo kọ́kọ́ wò. Gèlè ti bo etí nínú fọ́tò ìgbéyàwó, ni mo bá ní kí aláṣọ ṣí ìborùn rẹ̀. Abẹ́ etí tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti olè ń fì, yẹtí wúwo sì fà á wálẹ̀. Ìgbà tó di ọ̀rọ̀ aago, olè mú fóònù ní 11:20. Aláṣọ fi rìsíìtì owó tó fi ránṣẹ́ ní Máìlì Twéfù ní 11:14 hàn wá. Kò sí ẹni tó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́fà ti ibẹ̀ dé Ìkòròdú.

Èèyàn bí igba ló sì ti sọ pé òun gan-an ni. Mo bi wọ́n pé ta ló mọ̀ ọ́n. Kò sí. Orí ọmọkùnrin kan yẹn ni gbogbo ẹ̀rí wọn dúró lé. Àwa ará Ìkòròdú ló yẹ ká mọ ohun tí "òun nìyẹn" ń ṣe. Lóṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí ẹ̀rù Badoo, ẹgbẹ́ apààyàn, gbòde, èrò pa apanilẹ́rìn-ín kan níbí, wọ́n ní Badoo ni. Kì í ṣe Badoo. Wọn ò sì nílò ẹ̀rọ kankan nígbà náà.

Òfin Ààbò Dátà ọdún 2023 ka ojú tí wọ́n wọ̀n láti fi dá èèyàn mọ̀ sí ohun tó gba ìṣọ́ra, aláṣọ sì lè fẹjọ́ sùn. Ó ti gba àwòrán gbogbo ohun tí wọ́n kọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ẹni tó ń darí Wasáàpù náà kọ "ẹ má bínú, kì í ṣe òun" sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn ti dé Ìgbógbó, ó ti dé Ìmọ́tà, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà kò sì tẹ̀ lé e débẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà kan wọlé, ó mú áńkárá kan lọ́wọ́, ó gbójú sókè wo aláṣọ, ó tún wò ó, ó sì rọra gbé aṣọ náà sílẹ̀.