Iṣẹ́ kan, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ṣe èyí gan-an? Gbogbo Fúráìdé ni mo máa ń jókòó ti tírákà iṣẹ́ wa yìí bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Àṣìṣe ìsanwó kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́ta ló ṣí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìkan lẹ lébẹ́ẹ̀lì `payment` mọ́ ọn, ìkejì `payments`, ìkẹta `pay-bug`, tí mo bá wá fi `payment` nìkan wá a, méjì ti sá pa mọ́ nìyẹn. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé tí wọ́n bá rí i pé àwítúnwí ni, wọ́n á kàn tẹ `Done`, ripọ́ọ̀tì á wá ní iṣẹ́ mẹ́ta la parí! `Duplicate` wà níbẹ̀ o, ẹ yàn án, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, kí n lè yọ ọ́ kúrò nínú kíkà. Háà!