Ẹni tó ń bì, ẹ wo ibi tí itan ti pàdé ikùn rẹ̀

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbí ní Àbújá. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò rọrùn láti sọ ní gbangba, nítorí abẹ́ ṣòkòtò ló wà, ṣùgbọ́n èrò ọkàn mi ni pé ìtìjú ń ṣe àwọn ọkùnrin wa ní jàǹbá nídìí ìpá ju ìpá fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ti bọ̀ọ̀dá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta pákó ní Dẹ́ì-Dẹ́ì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí nǹkan kan ti ń yọ kókó sí i lápá ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Tó bá wúkọ́, á yọ. Tó bá gbé pákó, á tóbi tó ẹyin adìyẹ. Tó bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, á rọra wọlé padà. Kò dùn ún, nítorí náà kò sọ fún dókítà kankan. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. (Àìsàn wo ni a kò tíì fi jẹ̀díjẹ̀dí pè rí?)

Ibì kan wà nísàlẹ̀ ikùn ọkùnrin tó fẹ́lẹ́ látilẹ̀wá, níbi tí okùn tó so kórópọ̀n rọ̀ ti gbà kọjá. Tí ibẹ̀ bá là, ikọ́ tàbí ẹrù wúwo lè ti ìfun gba ojú ihò náà jáde sábẹ́ awọ. Òun ni ìpá. Ihò ni, kò sí àgbo tó lè dí i. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń tà náà kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bọ̀ọ̀dá yìí gbé pákó, kókó náà yọ, ó sì kọ̀, kò wọlé mọ́. Ó dùbúlẹ̀ títí, kò wọlé. Ó le gbagidi, kò ṣe é fọwọ́ kàn, tó bá sì wúkọ́, kò tún ta sókè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnu ihò ti fún ìfun mọ́ra nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìfun kò ráyè jáde, ìfun á wú. Tó bá wú tán, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ní ráyè wọlé. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Lọ́sàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí bì. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ bì, lẹ́yìn náà omi òróòro. Ikùn rẹ̀ wú, kò yàgbẹ́, kò tiẹ̀ só. Ó lọ sí kẹ́míìsì, ó ní, "Inú ń run mí, mo sì ń bì." Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí, kò mẹ́nu ba kókó. Wọ́n fún un ní oògùn inú rírun. Nígbà tó délé, ó tún mu àgbo jẹ̀dí kó lè yàgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ti dí pa, kí ni àgbo fẹ́ lé jáde? Aládùúgbò kan ní kí wọ́n fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ọpẹ́ ni pé ìyàwó rẹ̀ kò gbà, nítorí fífi agbára tẹ ìfun tó ti há lè bẹ́ ẹ, tàbí kó ti òkú ìfun padà sínú.

Lóru, ìrora náà dẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ilé dúpẹ́. Ibí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí ìfun tó ti kú kì í ro ẹni mọ́.

Ilẹ̀ mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Dókítà ní kó bọ́ ṣòkòtò, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n ṣí tíátà. Wọ́n gé ìfun rẹ̀ tó gùn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n so orí méjèèjì pọ̀. Ó yè é. Ká ní ó wá nígbà tí kókó ṣì ń wọlé ni, wọn ì bá kàn dí ihò náà, bóyá kí wọ́n fi àwọ̀n tẹ́ ẹ nínú. Iṣẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan ni, ọ̀pọ̀ ń sùn nílé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ìyá wa, tiyín tiẹ̀ tún lè burú jù. Èyí tó máa ń yọ nísàlẹ̀ ìlà itan kéré, ó máa ń fara pamọ́, ó sì máa ń yá láti há.

Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ̀ láti wọlé, kó má jẹ, kó má mu, kó gba ilé ìwòsàn tó ní tíátà lọ, lóru yẹn gan-an. Tó bá débẹ̀, kó má sọ pé inú ń run òun nìkan. Kó sọ pé: "Mo ní kókó níbí, ó máa ń wọlé tẹ́lẹ̀, láti aago báyìí kò wọlé mọ́, mo sì ń bì." Kó sì ṣí i fún wọn wò.