Orísun Fídíò Ni Ká Wá, Ká Yéé Wo Ètè

Ká ní ọ̀la ni ìdìbò. Ìyá kan tó ń ta àmàlà nítòsí Tákíè rí fídíò kan gbà lórí Wasáàpù látọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Olùdíje tí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ló dúró sídìí máíìkì nínú agbádá aláwọ̀ ewé, ó ń sọ pé bí òun bá wọlé, òun máa wó gbogbo ìsọ̀ tó wà létí títì láìsan kọ́bọ̀ fẹ́nikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ni. Kí gbẹ̀gìrì orí iná tó hó, fídíò ọ̀hún ti dé gúrúùpù àwọn ọlọ́jà, ó ti dé ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé ti mọ́ṣáláṣí. Àmọ́ olùdíje náà lè má sọ ọ̀rọ̀ yẹn rárá, ó lè jẹ́ ayédèrú fídíò tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní orílẹ̀-èdè Sìlòfákíà lọ́dún 2023, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n dìbò. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ohùn kan jáde tó dà bíi ti Michal Šimečka, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan, pé òun àti oníròyìn kan ń jíròrò bí wọ́n ṣe máa ṣe màgòmágó ìbò. Àwọn méjèèjì ní irọ́ ni, àwọn tó yẹ ohùn náà wò sì rí àmì pé wọ́n fi ẹ̀rọ yí i. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ti pa ìpolongo àti ìròyìn òṣèlú lẹ́nu mọ́ fún wákàtí 48 ṣáájú ìdìbò, torí náà irọ́ yẹn rìn jìnnà ju èsì wọn lọ. Ẹgbẹ́ Šimečka ṣe ipò kejì. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohùn yẹn ló fà á, àmọ́ àkókò tí wọ́n yàn ni ká fi sọ́kàn. Òfin ìdìbò tiwa náà ní kí ìpolongo dáwọ́ dúró nígbà tó bá ku wákàtí 24.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń gbà wá ni pé ká wo ojú bóyá ó ń ṣẹ́, ká wo ètè bóyá ó bá ọ̀rọ̀ mu. Ìmọ̀ràn yẹn ti ń gbó. Ẹ̀rọ ti mọ ojú ṣẹ́. Wasáàpù tún máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè fúyẹ́, ẹnu á wá rí bàìbàì, bàìbàì yẹn gan-an ló sì ń bo ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ayédèrú yìí kì í dá odidi èèyàn sílẹ̀. Fídíò òótọ́ ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á pààrọ̀ ohùn, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ẹnu ṣe kó lè bá ohùn tuntun mu. Agbádá, máíìkì àti bánà ẹ̀yìn rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Ibẹ̀ lọwọ́ ti lè tẹ̀ wọ́n. Ẹ dá fídíò dúró níbi tí ojú, aṣọ àti ẹ̀yìn ẹni náà ti hàn dáadáa, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín, kẹ́ ẹ wá gbé e fún Google Lens kó bá yín wá ibi tí irú ẹ̀ ti jáde rí. Bó bá gbé fídíò ìpàdé kan wá láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, pẹ̀lú agbádá ewé kan náà àti bánà kan náà, ẹ wo méjèèjì pọ̀. Bí ọwọ́ bá ń gbéra lásìkò kan náà, tí orí ń yí síbì kan náà, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu yàtọ̀, wọ́n ti yí ọ̀kan padà. Èyí tó ti wà ní gbangba látọjọ́ pípẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Bí Google Lens ò bá rí nǹkan kan, ìyẹn ò sọ pé òótọ́ ni. Ẹ wá béèrè ìbéèrè kejì: fóònù ta ló yà á? Kò sí ìpolongo tó ń wáyé nílùú yìí tí fóònù ò ní pọ̀ bíi koríko níbẹ̀. Bí olùdíje bá sọ ọ̀rọ̀ tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ níwájú èrò, ẹlòmíì á ti yà á láti apá òsì, ẹlòmíì á ti yà á látẹ̀yìn. Fídíò kan ṣoṣo, láti igun kan ṣoṣo, tí Wasáàpù kọ Forwarded many times sórí rẹ̀, ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún ó kéré tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ìbéèrè yìí kan náà ló ń mú olóṣèlú tó bá sọ̀rọ̀ burúkú ní tòótọ́, tó wá ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Bí fóònù mẹ́rin bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà láti igun mẹ́rin, kò rọrùn fún un láti sẹ́.

Ohùn lásán ló le jù, torí kò ní aṣọ tàbí bánà tá a lè wá. Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi ohùn olùdíje tí kò mọ orísun rẹ̀ ránṣẹ́ rárá láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó bá ṣáájú ìdìbò, kí àwọn ádímìnì gúrúùpù sì máa pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n kò yẹ ká di gbogbo ẹrù yìí lé ìyá alámàlà lórí. Kò lè rí orísun tí kò sí níbì kankan. Ìdí nìyí tá a fi ń sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe ìpolongo, lọ́jọ́ yẹn náà ni kí wọ́n gbé odidi fídíò rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìgé e, sórí ojú ìwé tí gbogbo ìlú lè ṣí lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì fi í síbẹ̀ títí ìdìbò á fi parí. Fóònù àti dátà tí wọ́n fi ń gbé àwòrán ijó wọn síta lójoojúmọ́ tó iṣẹ́ yìí ṣe.